Ìbéèrè lórí ètò ìdìbò: ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló wọlé, àbí kí a pín àga bí ìbò bá ṣe tó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè tí olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú fún wa nìyí: "Fi ètò ìdìbò tí olùdíje tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń wọlé wé ètò tí a ń pín àga ilé aṣòfin fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú bí ìbò wọn bá ṣe tó. Lo orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà." Gbogbo ohun tí mo ti kà kò ju pé èkíní ń mú ìjọba dúró ṣinṣin, èkejì sì ń ṣe òdodo. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí? Orílẹ̀-èdè wo ni kí n sì mú?

Olùkọ́ Àgbà, Yaba

Mú Lèsótò. Àwọn olùdìbò kan náà ni wọ́n lo ètò méjèèjì níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá ọrọ̀ tàbí ẹ̀sìn ni ó fa ìyàtọ̀ tí o rí. Àwọn Básótò ni ó kún ilẹ̀ náà, ìjà ẹ̀yà tí àwa ní ìhà ìhín máa ń di ẹ̀bi gbogbo lé lórí kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ẹkùn ìdìbò 80 ni wọ́n ní, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ń rán lọ sí ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ LCD ní nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 gbogbo ìbò. BNP, tí ó tẹ̀lé e, ní ìdá 24 àti díẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n ka àga, LCD kó 79, BNP sì gba ẹyọ kan. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jí àpótí ìbò kí irú èsì bẹ́ẹ̀ tó jáde. Ṣe ni àwọn alátìlẹ́yìn BNP fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ náà: wọ́n wà níbi gbogbo, wọn kò sì pọ̀ jù níbì kankan. Ìbò ẹni tí ó ṣe ipò kejì kì í kọjá ààlà ẹkùn tí wọ́n ti dì í. Ibẹ̀ ni ó ń parí sí. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ìbá ti kóra jọ sí ìhà kan ṣoṣo, iye ìbò kan náà ìbá fún wọn ní ogún àga tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, má kàn kọ ọ́ pé ètò yìí ń gbè lẹ́yìn ẹgbẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lójú kan ni ó ń gbè, ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Lìbẹ́rà ní ìdá 12 nínú 100 ìbò, wọ́n sì gba àga 72. Ẹgbẹ́ Rìfọ́ọ̀mù ní ìdá 14, àga 5 péré ni wọ́n sì rí.

Ẹ̀yìn ìdìbò yẹn ni ó ṣe pàtàkì jù fún ìdáhùn rẹ. Àwọn alátakò kígbe pé wọ́n ti yí ìbò, wọ́n sì pabùdó sí iwájú ààfin ọba ní Másérù, olú-ìlú wọn. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́ Pius Langa ti Gúúsù Áfíríkà darí tọ́ka sí àwọn àbùkù nínú ètò náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ẹ̀rí ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdìbò náà kò tọ́. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án máa parí, àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà àti Bòtìsúwánà ti wọ ìlú, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Másérù sì ti jóná. Ètò tí ìwé rẹ ní ó ń mú ìjọba dúró ṣinṣin nìyẹn.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n fi ẹkùn 80 náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọ́n sì fi àga 40 kún un, tí wọn yóò máa fi dí àlàfo fún ẹgbẹ́ tí àga rẹ̀ kò bá tó ìbò rẹ̀. Ní ọdún 2002, LCD tún kó àwọn ẹkùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. BNP kò borí ní ẹkùn kankan rárá, síbẹ̀ ó wọ ilé aṣòfin pẹ̀lú àga 21, ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni ó sì ní ọmọ ilé lápapọ̀. Kò sí ẹni tí ó tún dáná sun Másérù.

Ọmọ Òyìngbò

Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kí ni a ń wá lọ sí Lèsótò nígbà tí Èkó wà níbí? Ètò tiwa gan-an kì í ṣe ti ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lásán, nítorí òfin ní olùborí gbọ́dọ̀ ní ìdá 25 nínú 100 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Àdàlù ni tiwa. Ẹ sì wo ọdún 2023: ẹgbẹ́ Lébọ̀ ni ó ṣíwájú nínú ìbò ààrẹ ní Èkó, ó ní 582,454, APC ní 572,606. Síbẹ̀, nínú àga 40 ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, 2 péré ni Lébọ̀ ní, APC kó 38. Bí a bá ń pín àga bí ìbò ṣe tó ni, ìdajì ilé yẹn ni ìbá jẹ́ tiwọn.

Olùkọ́ Àgbà, Yaba

Ọmọ Òyìngbò, àga 38 àti 2 tí o kà yẹn tọ̀nà, àpẹẹrẹ dáadáa sì ni. Ṣùgbọ́n òfin ìdá 25 yẹn kan ààrẹ àti gómìnà nìkan. Fún ààrẹ, ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Fún gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ń bi aṣòfin léèrè bóyá ìbò rẹ̀ tàn káàkiri, nítorí ẹkùn kan ṣoṣo ni ó ti ń díje. Láti orí ilé aṣòfin ni a sì ti ń dá ètò méjèèjì mọ̀, torí pé ipò ààrẹ kò ṣe é pín.

Ìbò ààrẹ tí o lò kò bá ọ̀rọ̀ náà mu pẹ̀lú. Oṣù Kejì ni wọ́n dì í, nígbà tí wọ́n dìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti gómìnà. Bí a bá fẹ́ fojú díwọ̀n rẹ̀, ti gómìnà ni ó sún mọ́ ọn jù. APC ní 762,134, Lébọ̀ ní 312,329, PDP ní 62,449. Jẹ́ kí a fi àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 1,136,912; bí a bá fi àga 40 pín in, iye ìbò tí ó ra àga kan jẹ́ nǹkan bí 28,423. APC ra àga 26 pérépéré, Lébọ̀ ra 10, PDP ra 2. Àga méjì ṣẹ́kù. A ó wo ìbò tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ti Lébọ̀ lé ní 28,000, ti APC lé ní 23,000, ti PDP kò tó 6,000. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni yóò mú un, ó sì di APC 27, Lébọ̀ 11, PDP 2.

Àga 11 jìnnà sí 2 gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdajì. APC ìbá ṣì máa ṣàkóso ilé náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́, bí o bá máa lo ìṣirò yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àpèjúwe lásán ni. Bí ètò bá yí padà, àwọn ènìyàn náà yóò yí bí wọ́n ṣe ń dìbò padà: ẹni tí ó jókòó sílé nítorí pé ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun kò lè borí ní ẹkùn òun lè wá jáde, ẹni tí ó dìbò fún ẹgbẹ́ ńlá kí ìbò rẹ̀ má baà ṣòfò sì lè padà sí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà

Ẹ ṣeun, sà. Mo gbìyànjú láti fi irú ìṣirò yìí wo Lèsótò ti ọdún 2002, kò sì bá ara mu. Mo rí i kà pé BNP ní ìdá 22.4 nínú 100 ìbò. Nínú àga 120, ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ 27. Kí ló dé tí wọ́n fi gba 21?

Olùkọ́ Àgbà, Yaba

Ohun tí ó yẹ kí o béèrè gan-an nìyẹn. Ṣírò ti LCD náà. Ìdá 55 nínú 100 ni ìbò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ìyẹn sì tó àga 66 nínú 120. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ara wọn gba 79 ní àwọn ẹkùn, kò sì sí ẹni tí yóò gba àga lọ́wọ́ ẹni tí àdúgbò rẹ̀ dìbò yàn. Wọn kò fún wọn ní ẹyọ kan nínú 40 tí ó wà fún àfikún, àmọ́ 13 tí wọ́n fi lé ti di tiwọn. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ yòókù wá pín 41 tí ó ṣẹ́kù láàárín ara wọn. Àga àfikún 40 náà kéré sí ihò tí wọ́n fẹ́ fi dí. Bí àga àfikún bá kéré, ètò náà kò lè mú ìbò àti àga dọ́gba, ó kàn lè dín àlàfo kù ni.

Ọdún 2007 ni àwọn olóṣèlú wá rí ihò tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ìwé ìdìbò méjì ni olùdìbò ń gbà nígbà yẹn, ọ̀kan fún olùdíje ẹkùn rẹ̀, ìkejì fún ẹgbẹ́. LCD mọ̀ pé bí òun bá ti borí ní àwọn ẹkùn, àga àfikún kò ní kàn òun. Ó wá bá ẹgbẹ́ kékeré NIP mulẹ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n di ìwé kìíní fún LCD, kí wọ́n sì di ìkejì fún NIP, ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn LCD wà nínú àkójọ orúkọ rẹ̀. Lórí ìwé, NIP kò ní ẹkùn kankan, nítorí náà kò sí ohun tí àjọ elétò ìdìbò lè yọ kúrò lára ìpín rẹ̀. LCD gba ẹkùn 61, NIP gba àga àfikún 21, àpapọ̀ 82 nínú 120, nígbà tí ìbò NIP fi díẹ̀ lé ní ìdajì, tí ó yẹ kí ó jẹ́ àga bí 62. Ẹgbẹ́ alátakò ABC ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú LWP: ẹkùn 17 àti àga àfikún 10. Láti orí èsì ni o ti lè mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: wàá rí ẹgbẹ́ tí ó borí ní ọ̀pọ̀ ẹkùn ṣùgbọ́n tí kò ní ìbò kankan lórí ìwé kejì, wàá sì rí òmíràn tí kò borí níbì kankan tí àga rẹ̀ pọ̀.

Ẹjọ́ àti ìlàjà gba ọdún púpọ̀. Ní 2011 ni wọ́n yí òfin padà sí ìwé ìdìbò kan ṣoṣo: ìbò tí o dì fún olùdíje ni wọn yóò tún kà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ihò yẹn sì dí.

Ìyá Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí ẹ ń sọ yìí ti ń ṣe wá nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà wa. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án ni a máa ń yàn, orúkọ mẹ́sàn-án sì ni olúkúlùkù ń kọ sínú ìwé. Àwọn tó ń ta léèsì ju ìdajì wa lọ díẹ̀, nítorí náà àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni ó ń wọlé. Àwa tí à ń ta àǹkárá kò rí ẹyọ kan, àwọn onígèlè kò tilẹ̀ wá sí ìpàdé mọ́. Ṣé ètò ti ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni ti wa yìí? Kí ni a lè ṣe?

Agbẹjọ́rò Ìkòyí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Olùkọ́, apá kan Lèsótò ni ẹ ń sọ. Ẹ sọ èyí tí ó kù. Ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti dí gbogbo ihò, ẹgbẹ́ DC gba àga 48, ABC 30, LCD 26, BNP 5. Àwọn mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn wọ̀nyí da àga pọ̀, ó sì jẹ́ 61 gééré nínú 120, wọ́n sì fi Thomas Thabane ṣe olórí ìjọba. Ìjọba tí ẹnì kan ṣoṣo lè fi ìbínú wó lulẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, àwọn ológun gbéra, Thabane sì sá lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n dìbò ní 2012, wọ́n tún dìbò ní 2015, wọ́n tún dìbò ní 2017. Àwa tí ètò wa ń fún ní ìjọba ọdún mẹ́rin, kí ni a fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Èkejì, ta ni yóò kọ àkójọ orúkọ náà? Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ ni ó ń to orúkọ tẹ̀léra, olùdìbò kò sì lè fa ẹnikẹ́ni sókè tàbí sísàlẹ̀. Ní ìlú yìí, níbi tí ọ̀rọ̀ ìdìbò abẹ́lé ti ń dé ilé-ẹjọ́ ní gbogbo ìgbà, ẹ fẹ́ gbé gègé lé bàbá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó kọ orúkọ 40. Etí-Ọ̀sà ni mo ń gbé. Ní 2023, olùdíje Lébọ̀ fi ìbò 24,075 wọ ilé aṣòjú-ṣòfin, PDP ní 18,666, APC ní 16,901. Mo mọ̀ pé àwọn tí kò dìbò fún un pọ̀ ju àwọn tí ó dìbò fún un lọ. Síbẹ̀ mo mọ orúkọ rẹ̀, mo sì mọ ẹni tí mo lè mú ẹjọ́ ojú omi tó dí lọ bá.

Olùkọ́ Àgbà, Yaba

Màmá, ẹ kò já lu ọ̀rọ̀ rárá. Ètò tiyín tilẹ̀ le ju èyí tí a ń sọ lọ. Bí ọjà yín ìbá ti pín sí ẹkùn mẹ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kí àwọn aláǹkárá borí ní ẹkùn kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn ní ìbò mẹ́sàn-án fún àga mẹ́sàn-án lójú kan, ìdajì tí ó fi ẹnì kan lé ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Ẹ má yí ohunkóhun mìíràn padà: ẹ ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni mẹ́sàn-án tí ìbò wọn pọ̀ jù wọlé. Ìṣọ̀rí tí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò lọ, bí gbogbo wọn bá kó ìbò wọn lé ẹnì kan lórí, kò sí bí wọ́n ṣe lè du ẹni náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí àwọn onígèlè bá fa ẹni mẹ́ta kalẹ̀, ìbò wọn yóò fọ́, wọn kò sì ní rí ẹyọ kan. Ipò alága ṣì jẹ́ ti ẹni kan, ètò yìí kò kan án.

Agbẹjọ́rò, òótọ́ ni gbogbo ọjọ́ tí ẹ kà. Ohun tí n kò gbà ni pé ètò ìpín àga ni ó fa fífọ́ àwọn ẹgbẹ́. Ní ọdún 1993, ẹgbẹ́ BCP kó gbogbo àga 65 tí ó wà nígbà náà ní ètò ti ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí ìjọba tí ó lè lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé. Ní 1997, olórí ìjọba náà, Ntsu Mokhehle, kúrò nínú ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ó dá LCD sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn aṣòfin sì bá a lọ. BCP tí ó kó gbogbo ilé di alátakò láìsí pé ẹnikẹ́ni dìbò. Ìjà láàárín àwọn aṣíwájú àti ọwọ́ ológun nínú òṣèlú ti wà níbẹ̀ kí àga àfikún tó dé. Ohun tí ètò tuntun ṣe ni pé ó gbé ìjà náà wọ inú ilé aṣòfin, níbi tí àga kan tí ó bá ṣípò ti lè wó ìjọba.

Ní ti àkójọ orúkọ, ẹ̀rù tí ń bà yín kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n ti Gúúsù Áfíríkà kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Lèsótò kò pa àwọn ẹkùn rẹ̀ run: ẹni tí ẹ ó mú ẹjọ́ ojú omi lọ bá yóò ṣì wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ìkòyí

Yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn 40 tí kò ní ẹkùn yóò jókòó tì í, owó oṣù kan náà ni wọn yóò máa gbà, bàbá ìsàlẹ̀ nìkan ni wọn yóò sì máa jíhìn fún. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé-ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè ní láti pàṣẹ ní 2020 kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè díje fún ilé aṣòfin àpapọ̀. Nígbà tí wọ́n sì dìbò ní 2024, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọlé. Mo gbà pé àga 38 sí 2 kò dára. N kò tíì gbà pé ìwòsàn yìí ló yẹ ẹ́.

Ọmọ Òyìngbò

Ṣé a kò lè jẹ́ kí olùdìbò fúnra rẹ̀ tọ́ka sí orúkọ tí ó fẹ́ nínú àkójọ ẹgbẹ́?

Olùkọ́ Àgbà, Yaba

A lè ṣe é, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì ń ṣe é. Ìwé ìdìbò yóò gùn, kíkà rẹ̀ yóò sì pẹ́. Ní ibùdó ìdìbò tí wọ́n ti ń fi iná tọ́ọ̀ṣì ka ìbò ní agogo mẹ́jọ alẹ́, mo fẹ́ kí Agbẹjọ́rò ro iye ẹjọ́ tí yóò ti ibẹ̀ jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Èmi yóò gbé ìdáhùn mi lé 1998 àti 2002, n ó fi 2007 ṣàlàyé bí ètò ìpín àga ṣe lè bàjẹ́, n ó sì fi 1997 dáhùn àwọn tí ó ní ètò ìpín àga ni ó fọ́ ìjọba 2012. Ọ̀rọ̀ àkójọ orúkọ ni n ó kọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí àríyànjiyàn ṣì wà, n ó sì kọ èrò Agbẹjọ́rò àti ti Olùkọ́ síbẹ̀ papọ̀.

Ìyá Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà

Olùkọ́, ẹ kú làákàyè. Mo ti pe ìyá àwọn onígèlè lórí fóònù. Ó ní kò ṣeé ṣe kí àwọn fẹnu kò sí ẹnì kan ṣoṣo, nítorí àwọn méjì ni ó ti ń polongo ara wọn báyìí.